Ẹ Fi Wákàtí Pín Owó Oṣù Yín Ná

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ ní gbọ̀ngàn kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, nìyí. Àwọn tí ò ráyè wá ló ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀.)

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin èèyàn mi. Iṣẹ́ ìṣirò owó oṣù ni mò ń ṣe, ohun tí mo sì ń rí lójoojúmọ́ ni pé owó tó wọ akáǹtì làwọn èèyàn fi ń wé ara wọn, owó yẹn gan-an ló sì máa ń tan èèyàn jẹ.

Arábìnrin kan wá bá mi, sìtọ́ọ̀ ló ń bójú tó ní ilé-iṣẹ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, ẹ̀ka wọn ní Ìgbóná ló wà. 120,000 náírà ni owó oṣù ẹ̀ kí wọ́n tó yọ nǹkan kan. Ọkùnrin tó wà ní sìtọ́ọ̀ Òkè-Bàálẹ̀ ń gba 110,000. Ẹ sì wò ó o, tìtorí ọkùnrin yẹn ló ṣe wá! Ó ní wọ́n ń rẹ́ ẹ jẹ, ó sì ń káàánú ẹ̀.

Mo ní kí àwọn méjèèjì kó pésílíìpù wọn wá. Mi ò tíì wo owó rárá, iṣẹ́ ni mo kọ́kọ́ bèèrè, torí orúkọ ipò wọn ò bára mu, wọ́n ń pe ọkùnrin yẹn ní ọ́fíísà, wọ́n ń pe obìnrin ní sìtọ́ọ̀kípà lásán. Àmọ́ àwọn méjèèjì ló ń gba ẹrù, wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé ẹrù, wọ́n ń kà á lópin oṣù, bí ẹrù bá sì sọnù àwọn náà ni wọ́n máa bi. Iṣẹ́ kan náà ni.

Mo wá bi í pé, “Ìyá Ìbejì, wákàtí mélòó lẹ ń ṣe lọ́sẹ̀?” Ó ní aago mẹ́jọ sí márùn-ún, Mọ́ńdè títí dé Sátidé, tí èèyàn bá yọ wákàtí kan tí wọ́n fi ń jẹun, wákàtí 48 nìyẹn. Ọkùnrin yẹn kì í wá ní Sátidé ní tiẹ̀, 40 ni.

Bí a ṣe ń sọ ọ́ di ti oṣù ni pé ká fi 52 sọ ọ́ di púpọ̀, ká wá fi 12 pín in. Ẹ má kàn fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀ o, oṣù ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ. Ti obìnrin jẹ́ 208, ti ọkùnrin ń lọ sí 173. Ẹ wá fi pín owó: 577 náírà ni obìnrin ń gbà ní wákàtí kan, ọkùnrin ń gba 635. Nínú gbogbo 100 náírà tí ọkùnrin bá gbà, 91 ni ti obìnrin. Ìyá Ìbejì kàn dákẹ́, ó ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe.

Ó tún ku pẹnṣọ̀n. Òfin pẹnṣọ̀n ti 2014 ní kí ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi ó kéré tán ìdá 10 nínú 100 sí i fún òṣìṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ náà fi ìdá 8 sí i. Ohun tí wọ́n ń wò láti ṣírò ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dín sí àpapọ̀ bésíìkì, owó ilé àti owó ọkọ̀. Lórí pésílíìpù obìnrin yìí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta para pọ̀ jẹ́ 60,000 péré, wọ́n wá pe ìyókù ní aláwáǹsì oúnjẹ àti aṣọ iṣẹ́. Ti ọkùnrin jẹ́ 99,000. Nítorí náà 6,000 ni wọ́n ń fi sí pẹnṣọ̀n obìnrin lóṣù, 9,900 ni ti ọkùnrin. Ẹni tó ń wo álátì báǹkì nìkan ò lè rí èyí láyé.

Nígbà tí obìnrin yìí bèèrè, ọ̀gá wọn ní ọkùnrin yẹn ní ìwé ẹ̀rí pólì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́, ìwé ẹ̀rí lè mú kí owó ju owó lọ, ọdún tí èèyàn ti lò lẹ́nu iṣẹ́ náà lè mú un. Àmọ́ ìdí tó bá jẹ́ òótọ́ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ fún gbogbo èèyàn. Obìnrin kan wà ní ẹ̀ka Ayétòrò tó ní ìwé ẹ̀rí pólì kan náà, tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, tó ń wá ní Sátidé, 120,000 lòun náà ń gbà. Ìdí yẹn ti fọ́ nìyẹn.

Ohun tí àyẹ̀wò owó oṣù tó dáa ń ṣe fún gbogbo ilé-iṣẹ́ nìyí: a ó kó àwọn tí iṣẹ́ wọn jọra síbì kan, a ó sọ owó wọn di ti wákàtí, a ó to tọkùnrin lọ́tọ̀, tobìnrin lọ́tọ̀, láti kékeré dé ńlá, ká wá mú ẹni tó wà láàárín. Ìdí tá a fi ń mú ẹni àárín ni pé tí ẹnì kan bá ń gba owó gọbọi, á ba àròpín jẹ́. Tí wọn ò bá ju méjì mẹ́ta lọ, iye nìkan ò lè jẹ́ ẹ̀rí, ìdí ni kẹ́ ẹ bèèrè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2017, ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 250 sókè gbọ́dọ̀ gbé ìyàtọ̀ owó ọkùnrin àti obìnrin jáde, ṣùgbọ́n gbogbo òṣìṣẹ́ ni wọ́n dà pọ̀ ṣírò níbẹ̀, ó ń fi hàn bóyá ọkùnrin ló pọ̀ ní ipò tó lówó, kò lè sọ bóyá sìtọ́ọ̀kípà méjì ń gba iye kan náà.

Lọ́dọ̀ tiwa, apá 17 nínú ìwé òfin 1999 ní kí iṣẹ́ kan náà gba owó kan náà, àmọ́ orí kejì ló wà, èèyàn ò lè gbé apá yẹn nìkan lọ sí kóòtù tààrà. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn kéèyàn kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ kọ wákàtí yín àti bí wọ́n ṣe pín owó yín sí i, kẹ́ ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó ipò yẹn, ẹ má sì fi pésílíìpù ẹlòmíì mọ́ ọn, ẹ lè kó o sí wàhálà.

Ìyá Ìbejì kọ tiẹ̀. Wọ́n ní kó máa wá ní Sátidé kan, kó fi ìkejì sinmi. Ó ti di 629 ní wákàtí kan báyìí. Ti pẹnṣọ̀n ni wọn ò tíì dáhùn, a jọ ń kọ lẹ́tà kejì lọ́wọ́.