Káàdì Kan, Ohùn 14

Ẹ wo káàdì tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ènìyàn 14 ló kọ ọ́ fún màmá kan tí wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọ́fíìsì wa níbí ní Ìbàdàn. Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín bí a ṣe ṣe é tí ohùn ẹnì kan ò fi bo ti ẹlòmíràn.

Orí gúrúùpù Wáàsáàpù la ti kọ́kọ́ ní kí wọ́n kọ ọ́. Ẹni àkọ́kọ́ kọ pé, "Ẹ kú oríire, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè iṣẹ́ yín." Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹni mẹ́sàn-án ti kọ ohun kan náà. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Èyí tí wọ́n rí ni wọ́n tẹ̀ lé. Mo bá kọ̀wé sí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, mo sì bi wọ́n pé: "Ọjọ́ wo lẹ ò lè gbàgbé láàárín ẹ̀yin àti màmá?" Gbólóhùn mẹ́ta, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Dírẹ́bà wa kì í fẹ́ kọ̀wé, ohùn ló fi ránṣẹ́: "Màmá, lọ́jọ́ tí mọ́tò dákú ní Ìwó Ròódù, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ lọ ra bọ̀ọ̀lì, ẹ ní kí n jẹun ná kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbọ́ mi ṣá!" Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sọ "ẹ gbọ́ mi ṣá". Mo fi ẹyọ kan sílẹ̀, torí bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ gan-an ló máa ń ba káàdì báyìí jẹ́. Ọ̀rẹ́ màmá tí wọ́n jọ wọṣẹ́ kọ pé: "Àṣàkẹ́, o ṣì jẹ mí ní àmàlà abọ́ kan." Ẹnì kan ní kí n sọ "o" di "ẹ", pé káàdì ọ́fíìsì ni. Mo kọ̀. Nínú gbogbo wa, àwọn nìkan ló lè pe màmá ní oríkì kí wọ́n sì fi "o" bá wọn sọ̀rọ̀. Bí mo bá yí i, ó di ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Àmì ohùn àti àṣìkọ nìkan ni mo tún ṣe, mo sì fi han ẹni tó ni ín.

Lẹ́yìn náà, mo fi ìwé bo àwọn orúkọ, mo ní kí akọ́ṣẹ́ kan kà á kó sọ ẹni tó kọ èwo. Ó mọ 11. Àwọn mẹ́ta tó kù, àdúrà lásán ni wọ́n kọ. Mo padà lọ bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà, lójúkojú. Àwọn àdúrà tó jọra, mo mú wọn jìnnà síra.

Bébà A3 kan la tẹ̀ ẹ́ sí ní Mọ́kọ́lá, a ká a sí méjì. Irú lẹ́tà kan náà ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ a fi àyè sílẹ̀ kí kálukú fi bírò kọ orúkọ ara rẹ̀. Dírẹ́bà ya mọ́tò kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà ní ṣíṣí.