Mẹ́sééjì Mélòó Ló Yẹ Ká Fi Rán Pésẹ́ǹtì Létí, Ìgbà Wo Ló Sì Yẹ Kó Lọ?

Ẹ ń lẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kíliníìkì kékeré, ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tí ìwé àpọ́íntìmẹ́ǹtì wà lọ́wọ́ yín. Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi mí ṣáá, wọ́n á ní mẹ́sééjì mélòó ni ká fi rán pésẹ́ǹtì létí kí ọjọ́ ẹ̀ tó pé, ṣé ọ̀kan ti tó, àbí ká rán mẹ́ta, ká rán mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká fi iye yẹn sílẹ̀ ná. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè ni pé iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ kí mẹ́sééjì kọ̀ọ̀kan ṣe, torí tí mẹ́sééjì kan ò bá ní iṣẹ́ tiẹ̀, kò yẹ kó lọ rárá.

Ẹ wò ó, ẹni tí ò wá lọ́jọ́ tẹ́ ẹ fún un, ohun méjì ló sábà máa ń fà á. Ó lè jẹ́ pé ó gbàgbé. Ó sì lè jẹ́ pé ó rántí dáadáa, àmọ́ ọ̀gá ẹ̀ níbi iṣẹ́ ò fún un láyè, tàbí owó ò tíì pé, tàbí ọmọ ń ṣàìsàn, kò kàn sọ fún yín ni. Ẹni tó gbàgbé, ìrántí tó sún mọ́ ọjọ́ náà ló máa ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí kò lè wá, ìrántí tó ti lọ tipẹ́ díẹ̀ ló máa jẹ́ kó tètè sọ, kẹ́ ẹ lè fi àyè ẹ̀ fún ẹlòmíì. Iṣẹ́ méjì nìyẹn, àsìkò wọn ò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká tẹ̀ lé e dópin. Ká ní kíliníìkì eyín kan wà ní Ìkòròdú, dọ́kítà kan, àga kan, Mọ́ńdè sí Fráìdé ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Pésẹ́ǹtì kan ń gbé ní Ìgbógbó, Yábàá ló ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ gbòǹgbò eyín ẹ̀, ó kù ìjókòó kejì, ìjókòó yẹn sì máa gbà tó wákàtí kan lórí àga. Wọ́n fún un ní Túsìdé, ọjọ́ 14 oṣù keje, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló wà láàárín ọjọ́ tó gba déètì àti ọjọ́ tó máa wá.

Lójú ẹsẹ̀ tó gba déètì, ẹ fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí i pé ẹ ti kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìrántí o, ẹ má kà á mọ́ ọn. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni láti fi hàn yín pé nọ́ńbà tó fún yín ń gba mẹ́sééjì, nígbà tí pésẹ́ǹtì ṣì dúró níwájú yín tẹ́ ẹ lè sọ pé "Àǹtí, ṣé ó ti wọlé?" Nọ́ńbà tí wọ́n kọ ṣì, ìgbà yẹn ló dáa ká rí i, torí tẹ́ ẹ bá rán ìrántí mẹ́wàá sí nọ́ńbà tí kì í ṣe tiẹ̀, asán ni gbogbo ẹ̀.

Ìrántí àkọ́kọ́ wá ńkọ́? Ẹ má fi "ọjọ́ mẹ́ta" tẹ́ ẹ gbọ́ lẹ́nu èèyàn bẹ̀rẹ̀, ẹ bi ara yín pé tí pésẹ́ǹtì yìí bá ní òun ò lè wá, báwo ló ṣe máa pẹ́ tó kẹ́ ẹ tó rí ẹni tó máa jókòó sí àyè ẹ̀. Ẹni tó máa gba àyè yẹn náà níṣẹ́, òun náà ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, ó lè máa bọ̀ láti Ìmọ̀ta tàbí Ìjẹ̀dẹ́. Ká ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì ló máa ń gbà yín láti pe àwọn tó wà lórí ìwé àwọn tó ń dúró de àyè, kí ẹnì kan tó gbà. Ẹ fi ọjọ́ kan kún un kí pésẹ́ǹtì rí àyè dáhùn. Ó di ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta.

Mo ní ọjọ́ iṣẹ́, ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ kíliníìkì ti ń kùnà. Tẹ́ ẹ bá kàn ka ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn láti Túsìdé, ó bọ́ sí Sátidé. Ta ló wà ní kíliníìkì ní Sátidé tó máa gbé fóònù? Kò sẹ́nì kankan. Pésẹ́ǹtì pè, kò rẹ́ni gbé e, ó ní òun á pè lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Mọ́ńdè dé, ó gbàgbé. Ní ti wa, Tọ́sìdé ọjọ́ 9 ni mẹ́sééjì àkọ́kọ́ máa lọ, láago mẹ́wàá àárọ̀, torí kí gbogbo ọjọ́ yẹn lè wà fún ìdáhùn, kí Fráìdé àti Mọ́ńdè sì wà fún yín láti wá ẹlòmíì.

Mẹ́sééjì ọ̀hún rèé lójú síkíríìnì:

```
E kaaro ma. Dokita eyin n reti yin ni Tuside 14/7, aago 10 aaro. Ti e ba n bo, e filaasi 080XXXXXXXX. Ti ko ba ni rorun, e pe wa loni.
```

Ẹ máa rí i pé mi ò fi àmì sí i. Ìdí kan wà níbẹ̀. Mẹ́sééjì lásán, lẹ́tà 160 ni ojú ewé kan ń gbà, àmọ́ tí ẹ, ọ tàbí ṣ kan péré bá ti wọ inú ẹ̀, ojú ewé kan á já sí 70, tó bá sì lé ní 70, 67 ni ojú ewé kọ̀ọ̀kan á máa gbà. Mẹ́sééjì yìí wọ ojú ewé kan báyìí, tẹ́ ẹ bá fi àmì sí i tán á di mẹ́ta, owó mẹ́ta lẹ sì máa san lórí ẹnì kan ṣoṣo. Ohun kejì ni pé tó bá jẹ́ orúkọ kíliníìkì ló hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi mẹ́sééjì ránṣẹ́, pésẹ́ǹtì ò lè fèsì padà sí orúkọ yẹn. Torí náà má kọ ọ́ pé "ẹ fi 1 dáhùn", á dáhùn, kò ní dé ọ̀dọ̀ yín, inú á sì bí i. Ẹ fún un ní nọ́ńbà tó lè fíláàṣì, fíláàṣì ò gba owó lọ́wọ́ ẹni. Ẹ má sì kọ àìsàn tó ń ṣe é sínú mẹ́sééjì, fóònù inú ilé, ọwọ́ púpọ̀ ló ń dé e.

Ó wá kan ìrántí kejì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kó lọ, kó lè jẹ́ pé kò ní gbàgbé mọ́. Fún aago mẹ́wàá àárọ̀ ní Ìkòròdú, mi ò gbà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Yábàá, ìdájí ló ń jáde nílé. Tẹ́ ẹ bá rán mẹ́sééjì láago méje, ó ṣeé ṣe kó ti kọjá Máìlì 12, ẹni tó sì ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ẹ̀bútẹ́ lọ sí Áíláǹdì ti wà lórí omi. Ó rántí o, àmọ́ kò lè ṣe nǹkan kan sí i mọ́. Ìrántí tó bá dé nígbà tí èèyàn ò lè ṣe nǹkan kan mọ́ kàn ń bà á lọ́kàn jẹ́ ni.

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ńkọ́? Ó sàn ju àárọ̀ lọ, àmọ́ ó ti kúrò níbi iṣẹ́ nígbà yẹn, kò sì lè bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ mọ́, kíliníìkì náà sì ti ti ilẹ̀kùn. Èmi ni máa mú ọ̀sán Mọ́ńdè, ní aago méjìlá sí aago kan. Pésẹ́ǹtì ṣì wà níwájú ọ̀gá ẹ̀, ẹ̀yin náà ṣì ní wákàtí mẹ́rin, márùn-ún láti pe ẹni tó ń gbé nítòsí, bíi Sábó, tó ti sọ pé kẹ́ ẹ pe òun nígbàkigbà tí àyè bá ṣí. Ẹni tó ti fíláàṣì láti Tọ́sìdé, ẹ má bi í mọ́ pé ṣé ó ń bọ̀, ẹ kàn sọ ọjọ́ àti aago. Ẹni tí ò tíì dáhùn rárá, ẹ pè é láago mẹ́ta. Torí ẹni tó dákẹ́, ẹ má kà á sí ẹni tó ń bọ̀.

Ìrántí méjì nìyẹn, ṣé ẹ̀kẹta ò ní ṣe é láǹfààní sí i? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìwádìí kan rí ní Kólórádò ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 2018. Wọ́n fi ìrántí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú nìkan, ti ọjọ́ kan ṣáájú nìkan, àti méjèèjì pọ̀ wé ara wọn. Àwọn tó gba ti ọjọ́ mẹ́ta nìkan, nǹkan bíi 5.8 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò wá. Ti ọjọ́ kan, 5.3. Àwọn tó gba méjèèjì, 4.4. Méjì dára ju ọ̀kan lọ lóòótọ́, àmọ́ ẹ wo bí ìyàtọ̀ yẹn ṣe kéré tó, kò pé èèyàn kan nínú ọgọ́rùn-ún láàárín méjèèjì pọ̀ àti ti ọjọ́ kan nìkan. Níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wá tẹ́lẹ̀, mẹ́sééjì tẹ́ ẹ bá ń fi kún un, èrè ẹ̀ á máa dínkù ni. Ó sì tún wà níbẹ̀ pé tí mẹ́sééjì mẹ́rin bá jọra, èèyàn á rí ìlà àkọ́kọ́, á ní "mo ti rí èyí", kò ní ṣí i, bóyá èyí tí kò ṣí yẹn lẹ sì yí aago padà sí.

Méjì tí mo sọ yìí, fún déètì tó jìnnà bí ọ̀sẹ̀ kan sí oṣù kan ni. Ẹni tó gba déètì lónìí fún ọ̀túnla, ọ̀kan ti tó, ní ọ̀sán ọ̀la. Ẹni tẹ́ ẹ fún ní oṣù mẹ́fà láti wá yẹ eyín wò, ẹ fi ọ̀kan kún un ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, kẹ́ ẹ sì fi bèèrè pé ṣé déètì yẹn ṣì bá a mu, nítorí ẹni náà lè ti yí iṣẹ́ padà tàbí kó ti kó lọ. Tó bá sì jẹ́ àyẹ̀wò tí wọn ò gbọ́dọ̀ jẹun sí ni, ìrántí gbọ́dọ̀ dé kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ alẹ́. Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti Ìkòròdú tiwa: tí wọ́n bá kéde ọjọ́ Orò, obìnrin ò ní jáde lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má dúró de ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta nígbà yẹn o, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ni kẹ́ ẹ pe gbogbo obìnrin tó ní déètì ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ yí i padà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé àsìkò tẹ́ ẹ mú yìí bá àwọn èèyàn tiyín mu? Ẹ ra ìwé kan, ẹnikẹ́ni tí kò bá wá, ẹ pè é lọ́jọ́ kejì, kẹ́ ẹ fi ohùn jẹ́jẹ́ bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ọ̀pọ̀ wọn bá ní ibi iṣẹ́ ò gbà, ìrántí àkọ́kọ́ yín ló sún mọ́ ọjọ́ jù, ẹ tì í sẹ́yìn. Tí wọ́n bá ní àwọn gbàgbé, ẹ wo ìrántí kejì, pàápàá bóyá ó dé rárá. Ẹ ṣí ìròyìn tí ilé iṣẹ́ tó ń bá yín fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ ń fún yín, tẹ́ ẹ bá rí DND lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kan, ẹni náà ti lo 2442 láti dí irú mẹ́sééjì bẹ́ẹ̀, kò sì rí ọ̀kankan nínú èyí tẹ́ ẹ rán. Wásáàpù tàbí ìpè ni kẹ́ ẹ lò fún un. Tí wọ́n bá sì ní mẹ́sééjì ló dàrú mọ́ àwọn lójú, ẹ lọ wo àwọn tó yí déètì wọn padà, torí nígbà tẹ́ ẹ bá gbé pésẹ́ǹtì láti Túsìdé lọ sí Fráìdé, àwọn ìrántí ti Túsìdé ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń dúró de àsìkò wọn, ẹ sì gbọ́dọ̀ pa wọ́n rẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣètò ti Fráìdé.