Wọ́n ní ọmọ ènìyàn lómìnira, wọ́n sì gbé kòbókò: ọ̀rọ̀ àwọn Mùtasílà

Àsàláámù aléékúmù, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn. A kú Jímọ̀ o. Kí Ọlọ́hun gba ìrun wa.

Ní ìlú Básírà ní Ìráàkì, ìtàn sọ pé ààfáà ọ̀dọ́ kan, Wásílù ọmọ Atáù tó kú ní 748, dìde kúrò níbi ìjókòó ìmọ̀ Hásánù al-Básírì. Ọ̀rọ̀ Mùsùlùmí tó dá ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ló fà á. Wásílù ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe mùmíní, kì í sì í ṣe kèfèrí, àárín méjèèjì ló wà. Àwọn tó tẹ̀ lé e la mọ̀ sí Mùtasílà.

Ohun tí wọ́n dì mú ṣinṣin ni pé onídàájọ́ òdodo ni Ọlọ́hun. Wọ́n ní tó bá jẹ́ Ọlọ́hun ló mú ẹnìkan jalè, tó wá jù ú síná nítorí olè yẹn, àbòsí ni, àbòsí kò sì yẹ Ọlọ́hun. Nítorí náà, ọmọ ènìyàn fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mi ò ní bú wọn lórí ìbẹ̀rẹ̀ yìí. Àwa náà ń kà á nínú Súrà Nísáì, āyà 40, pé Ọlọ́hun kì í ṣe àbòsí òdiwọ̀n ọmọ iná-igún. Ẹni tó bá sì ń jẹ owó ọmọ òrukàn, tó ń ní kádàrá òun ni, ó yẹ kó gbọ́ ohùn wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ti Àlùkùránì. Wọ́n ní Ọlọ́hun nìkan ni kò ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà Ó dá Àlùkùránì ni. Ní 833, Kàlífà al-Màmúnù, tó gba ọ̀rọ̀ wọn yìí, kọ̀wé sí gómìnà rẹ̀ ní Bàgídáàdì pé kó pe àwọn adájọ́ àti àwọn onímọ̀ Hádíìsì jọ, kó bi wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ṣé Ọlọ́hun dá Àlùkùránì, àbí kò dá a? Ọ̀pọ̀ gbà nítorí ẹ̀mí wọn. Mẹ́rin kọ̀, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n. Ọ̀kan juwọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kejì, òmíràn lọ́jọ́ kẹta. Ó wá ku Áhímádù ọmọ Hánbálì àti Mùhámmádù ọmọ Núhù. Wọ́n ń kó wọn lọ bá Kàlífà nígbà tí ìròyìn ikú rẹ̀ dé. Mùhámmádù kú sójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń dá wọn padà, Áhímádù ló kírun sí i lára.

Àbúrò Kàlífà, al-Mùtásímù, gorí oyè, ó sì ní kí wọ́n na Áhímádù. Bí wọ́n ṣe ń rọ̀ ọ́ tó, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ: ẹ mú ẹ̀rí wá látinú tírà Ọlọ́hun tàbí sùná Òjíṣẹ́ Rẹ̀, màá gbà. Kò sí ẹni tó mú un wá. Ní 845, nígbà tí wọ́n fẹ́ ra àwọn Mùsùlùmí tí àwọn ará Róòmù Ìlà-Oòrùn kó lẹ́rú padà, àwọn òpìtàn kọ ọ́ pé ìbéèrè yìí ni wọ́n kọ́kọ́ bi wọ́n. Ẹni tí kò bá gbà pé Ọlọ́hun dá Àlùkùránì, wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ rò ó wò. Àwọn tó ń wàásù pé Ọlọ́hun fún ènìyàn ní agbára láti yàn làwọn èèyàn rí lẹ́yìn kòbókò yìí. Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo Mùtasílà ló lọ́wọ́ sí i, àwọn Kàlífà ló pàṣẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ Abú Dúádì, olórí adájọ́ tó dúró ti ọ̀rọ̀ náà gbágbágbá, ara wọn ni. Nígbà tí Kàlífà al-Mùtáwákílù fòpin sí i, ọkàn àwọn ará ọjà àti àwọn onímọ̀ Hádíìsì ti kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Èyí nìkan kọ́ ló ṣẹ́gun wọn o. Akẹ́kọ̀ọ́ wọn kan, al-Áṣíárì, kúrò lọ́dọ̀ wọn ní nǹkan bí 912. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ó bi olùkọ́ rẹ̀, al-Júbáì, nípa ọmọ ìyá mẹ́ta: ọ̀kan kú sínú ìtẹríba, ọ̀kan kú sínú ẹ̀ṣẹ̀, ọ̀kan kú lọ́mọdé. Bí ọmọdé náà bá bi Ọlọ́hun pé kí ló dé tí Kò jẹ́ kí òun dàgbà kí òun lè rí ipò ẹ̀gbọ́n òun ńkọ́? Al-Júbáì ní Ọlọ́hun á sọ pé Òun mọ̀ pé yóò dẹ́ṣẹ̀, ikú ló sàn fún un. Al-Áṣíárì ní: bí ẹlẹ́ṣẹ̀ bá wá kígbe látinú iná pé kí ló dé tí O kò pa èmi náà lọ́mọdé ńkọ́? Olùkọ́ kò fèsì.

Ohun tí ìbéèrè yìí bì wó ni ọ̀rọ̀ wọn pé dandan ni kí Ọlọ́hun ṣe ohun tó sàn jù fún ẹrú Rẹ̀. Al-Áṣíárì wá kọ́ni pé Ọlọ́hun ló dá iṣẹ́, ẹrú ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbà á, ìdí nìyẹn tó fi máa jẹ́jọ́ rẹ̀. Àríyànjiyàn onílàákàyè tó kọ́ lọ́dọ̀ wọn ló fi gbèjà ohun tí wọ́n na Áhímádù lé lórí. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ràn làákàyè kò nílò láti wá Mùtasílà lọ.

Wọn ò parun lọ́jọ́ kan. Àwọn ọba Búwáyì gbè wọ́n, Adájọ́ Abdul-Jàbárù, tó kú ní 1025, sì ń kọ́ni ní ìlú Ráyì ní Páṣíà. Nígbà tí àwọn ọba yẹn lọ, ìtìlẹ́yìn tán. Lọ́dọ̀ àwọn Ṣíà tí wọ́n ń pè ní Sáídì, ní Yẹ́mẹ̀nì, ni wọ́n ti ń da àwọn ìwé wọn kọ, ibẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ láti Íjíbítì ti rí èyí tó pọ̀ nínú ìwé ńlá Abdul-Jàbárù ní àwọn ọdún 1950.