Sódíọ̀mù tó wà nínú abọ́ yín lẹ máa kà, ẹ má ka ti ẹ̀yìn ọ̀rá nìkan

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ará àdúgbò sọ ní Ṣúrúlérè lọ́sàn-án Sátidé ni mo kọ síbí yìí, torí àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn ò ráyè wá, àti torí àwọn ìyàwó àtàwọn ọmọ tó ń dáná fún wọn. Mo gé e kúrú díẹ̀, àmọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Ẹni tí wọ́n bá ti rí ẹ̀jẹ̀ ríru lára ẹ̀, dókítà á ti sọ fún un pé kó dín iyọ̀ kù. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa wá ń ṣe ni pé a ó gbé ike iyọ̀ kúrò lórí tábìlì, a ò ní fi iyọ̀ sí ẹ̀wà mọ́, a ó wá gbà pé ó parí. Kò parí o. Oúnjẹ inú ọ̀rá, inú páálí àti inú agolo, àwọn tó ṣe é ti bu iyọ̀ sí i kó tó dé ọwọ́ yín, ojú ò lè rí i, ahọ́n gan-an kì í fìgbà gbogbo mọ̀ ọ́n, ẹ wo búrẹ́dì, ta ló máa jẹ búrẹ́dì táá ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, síbẹ̀ iyọ̀ wà níbẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yìn ọ̀rá níbi tí wọ́n kọ sódíọ̀mù sí lẹ ti máa rí i.

Sódíọ̀mù yìí ni nǹkan tó wà nínú iyọ̀ tó ń da ẹ̀jẹ̀ láàmú. Ó máa ń fa omi mọ́ra. Tó bá ti pọ̀ lára ju èyí tí kídìnrín lè tètè tọ̀ dànù, omi á pọ̀ sí i nínú iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á wá máa fi agbára ti ara iṣan, nọ́ńbà tí nọ́ọ̀sì ń kà fún yín lórí ẹ̀rọ á sì máa lọ sókè. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí sódíọ̀mù tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó 2,000 mg. Iyọ̀ tó ní iye yẹn nínú ò ju gíráàmù 5 lọ, tíì-sípúùnù kan péré. Kì í ṣe ti ọbẹ̀ nìkan o, ti ọbẹ̀, ti búrẹ́dì, ti mágì, títí kan ti sọ́séèjì tẹ́ ẹ rà jẹ nínú gó-síló Ojúẹlẹ́gba, gbogbo ẹ̀ pọ̀ ni 2,000 yẹn. Tí dókítà bá ti fún ẹnì kan ní iye tó kéré sí i torí ọkàn ẹ̀ tàbí kídìnrín ẹ̀, ti dókítà ẹ̀ ni kó tẹ̀ lé.

Ibi tí mo ti fẹ́ ká jókòó dáadáa nìyí. Ìyá kan tó ń ta léèsì ní Balógun dìde, wọ́n ní ọkọ àwọn ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì mú ọ̀rá núdùùsì tí ọkọ wọn fẹ́ràn jáde látinú báàgì. Wọ́n ní, "Àǹtí, mo ti kà á o. 480 mg ni wọ́n kọ síwájú sódíọ̀mù. Kò tiẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin 2,000 tẹ́ ẹ sọ, àbí ó léwu ni?"

Mo ní kí wọ́n má tíì ka sódíọ̀mù, kí wọ́n gbé ojú lọ sókè pátápátá, níbi tí wọ́n kọ sáfíńgì sáìsì sí. Wọ́n kà á, 35 g. Mo ní kí wọ́n yí iwájú ọ̀rá síta, kí wọ́n wo ìwọ̀n oúnjẹ tó wà nínú gbogbo ẹ̀. Wọ́n kà á, 70 g. Ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn, torí 480 tí wọ́n rí yẹn, ti ààbọ̀ ọ̀rá ni. Ọ̀rá kan odindi jẹ́ 960. Mo wá bi wọ́n pé mélòó ni bàbá máa ń jẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní méjì, pé ọ̀kan ò lè yó àgbà ọkùnrin. Ọ̀rá méjì jẹ́ 1,920 mg. Láàárọ̀ ni bàbá sì máa ń jẹ ẹ́, kí wọ́n tó jáde. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ti ọjọ́ náà tán kí ọ̀sán tó pọ́n, 80 mg ló kù fún ọ̀sán àti alẹ́, 80 yẹn ò sì tó ti búrẹ́dì ègé kan.

Ó ṣì kù. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń fi nǹkan míì sí i, wọ́n ní àwọn máa ń fọ́ mágì ẹyọ kan sí i kó lè dùn. Mágì kékeré, oní 4 g yẹn, tó bí ìdajì ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jẹ́ iyọ̀, torí náà ẹyọ kan lè ní bíi 800 mg sódíọ̀mù. Abọ́ kan ṣoṣo ti kọjá 2,700 nìyẹn. Ẹ wò ó, ìyá yìí kàwé, wọ́n ka ẹ̀yìn ọ̀rá, nọ́ńbà tí wọ́n kà ò sì jẹ́ irọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún wọn ni pé sáfíńgì yẹn, ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ fi ka nọ́ńbà ni, kì í ṣe pé ẹnì kan ní ìyẹn ló tó kẹ́ ẹ jẹ, kì í sì í ṣe ìwọ̀n ohun tẹ́ ẹ bù sábọ́. Bísíkíìtì lè jẹ́ ẹyọ mẹ́ta, ẹja inú agolo lè jẹ́ ààbọ̀ agolo, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo agolo lẹ dà sórí ìrẹsì.

Torí náà ìwọ̀n ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó pé ìlọ́po mélòó ìwọ̀n yẹn ló ń wọnú abọ́, ẹ wá sọ ọ́ di ìlọ́po, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 2,000 kẹ́ ẹ mọ èyí tó kù fún ìyókù ọjọ́. Ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù ti tó o ṣe é. Àwọn ọ̀rá míì ò ní kọ sáfíńgì rárá, 100 g ni wọ́n á fi kà á. Tó bá jẹ́ núdùùsì kan náà yìí, bíi 1,370 ni wọ́n máa kọ fún 100 g, ẹni tí ò bá fara balẹ̀ á rò pé tìyí burú ju tàkọ́kọ́ lọ, oúnjẹ kan náà sì ni. Nọ́ńbà 100 g yìí ló dáa jù tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi oríṣi méjì wé ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù, torí ìwọ̀n wọn dọ́gba. Èyí tí sódíọ̀mù ẹ̀ ò bá ju 120 mg lọ nínú 100 g ni wọ́n ń pè ní èyí tí sódíọ̀mù ẹ̀ kéré.

Àwọn tí ọmọ wọn ń fi nǹkan ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣọ́ra fún tiwọn. Àwọn tọ̀hún kì í sábà kọ sódíọ̀mù, sọ́ọ̀tì ni wọ́n ń kọ, gíráàmù ni wọ́n sì fi ń kà á. Ẹ máa rí 1.2 g, ẹ máa rántí 480 tẹ́ ẹ rí lára ti Èkó, ẹ ó wá ní ti òyìnbó yìí mà kéré o. Wọ́n dọ́gba. Ẹ fi 400 ṣe ìlọ́po gíráàmù iyọ̀ yẹn, èyí tó bá jáde ni mílígíráàmù sódíọ̀mù, 1.2 lọ́nà 400 sì ni 480. Ti Amẹ́ríkà ní tiẹ̀ máa ń fi pásẹ́ńtì sí i, 2,300 mg ni wọ́n sì fi ṣe 100 tiwọn, kì í ṣe 2,000. Lọ́dọ̀ wọn, tí sáfíńgì kan bá ti tó pásẹ́ńtì 20, ó ti pọ̀, 5 sí ìsàlẹ̀ ló kéré. 480 tiwa yìí á jẹ́ 21, ẹni tó bá ń fojú máàkì ìdánwò wò ó á ní 21 kéré, ó sì ti wọ inú èyí tó pọ̀.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni tí wọ́n bá kọ ọ́ gàdàgbà síwájú páálí pé àwọn ti dín sódíọ̀mù kù, tí aláìsàn wá fi owó gọbọi rà á. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ẹni tó bá ti dín ìdá kan nínú mẹ́rin kù lára ti tẹ́lẹ̀ lè kọ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú 960 ọ̀rá núdùùsì yẹn, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin, ó ku 720, ọ̀rá kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹ má ka iwájú páálí, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ lọ.

Kí ni ká wá sọ fún ìyá oníléèsì? Mi ò ní kí wọ́n má se núdùùsì mọ́, torí mo mọ̀ pé bàbá á jáde lọ rà á jẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń sè é lójú títì, ibẹ̀ sì ni ẹnikẹ́ni ò ti mọ iye mágì tí wọ́n fọ́ sí i. Mo ní ọ̀rá kan, kì í ṣe méjì, kí wọ́n fi ẹyin, ẹ̀fọ́, tòmátì tútù, àlùbọ́sà àti ata rodo sọ ọ́ di púpọ̀ kó lè yó wọn. Kí wọ́n bọ núdùùsì lọ́tọ̀, kí wọ́n da omi ẹ̀ nù, torí iyọ̀ díẹ̀ á bá omi yẹn lọ. Sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré tó wà nínú ẹ̀, apá ńlá sódíọ̀mù wà níbẹ̀, ìdajì ẹ̀ ni kí wọ́n lò, kí wọ́n gbàgbé mágì. Ẹ̀yìn ọ̀rá ò ní sọ fún yín bóyá ọ̀rọ̀ wá di 500 tàbí 600 lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti ṣe gbogbo èyí, torí wọn kì í sábà ya ti sáṣẹ́ẹ̀tì sọ́tọ̀, àmọ́ 960 ni òkè ẹ̀, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ọkọ àwọn á ní kò dùn. Òótọ́ ni, ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ kò ní dùn, lẹ́yìn ẹ̀ ahọ́n á mọ́ ọn lára, ti tẹ́lẹ̀ á wá máa jọ wọ́n lójú bí èyí tí iyọ̀ já sí.

Bàbá kan béèrè iyọ̀ tí wọ́n ń tà ní súpámákẹ́ẹ̀tì fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ṣé kí àwọn máa lò ó. Ẹ yí ìyẹn náà padà kẹ́ ẹ kà á. Pòtásíọ̀mù ni wọ́n fi rọ́pò sódíọ̀mù nínú ẹ̀, ó sì lè ran ẹlòmíì lọ́wọ́, àmọ́ ẹni tí kídìnrín ẹ̀ ò dáa, tàbí ẹni tó ń lo oògùn bíi lísínópíríìlì, lósátáànì tàbí sípírónóláktóònù, pòtásíọ̀mù lè pọ̀ jù lára ẹ̀ débi pé ìlù ọkàn ẹ̀ á dàrú. Àwọn oògùn yìí sì ni púpọ̀ nínú wa ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ fi orúkọ oògùn yín han dókítà tàbí apòògùn kẹ́ ẹ tó rà á.

Ẹnì kan tún béèrè bóyá sódíọ̀mù wà nínú oògùn. Ó wà nínú àwọn kan. Parasitamọ́ọ̀lù tó máa ń hó tí wọ́n bá jù ú sínú omi yẹn, ẹyọ kan lè ní bíi 400 mg, torí náà ẹni tó bá lo méjì lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan nítorí orí fífọ́ ti mu bíi 2,400 kó tó fi oúnjẹ kankan kan ẹnu. Oníhóró tí wọ́n ń gbé mì ni kẹ́ ẹ ní kí apòògùn fún yín.