Níbo ni páálí mílíìkì 7 wọlẹ̀ sí?

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká wọ inú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ajílósùn, ní Adó-Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń ta próvísàn ní páálí-páálí: nódù, súgà, tòmátò, mílíìkì alágolo. Àpẹẹrẹ ni mo fi ṣọ́ọ̀bù náà ṣe, àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó sídìí káńtà rí yóò dá ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ mọ̀. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà, wọ́n ka mílíìkì. Kọ̀ǹpútà ní páálí 62 ló yẹ kó wà. Èyí tí wọ́n fọwọ́ kà jẹ́ páálí 54 àti agolo 30. Agolo 48 ló wà nínú páálí kan, nítorí náà ohun tó dín jẹ́ agolo 354, ìyẹn páálí 7 àti agolo 18.

Ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ọ̀gá ni pé, "Ta ló kó o?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìbéèrè yẹn sílẹ̀ ná. Ẹnikẹ́ni tó bá bèèrè rẹ̀ kó tó wo ìwé, ó ti fẹ̀sùn kan ọmọ ọlọ́mọ lórí nǹkan tó ṣeé ṣe kó jẹ́ àṣìkọ lásán.

Ọ̀nà méjì ni àwọn oníṣòwò ń gbà ka ọjà. Èkíní ni kíka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Wọ́n á ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ọjọ́ kan tàbí méjì, gbogbo òṣìṣẹ́ á dá sí i, wọ́n á ka ohun gbogbo láti orí pẹpẹ dé inú sítọ̀. Èkejì ni kíka díẹ̀díẹ̀, èyí tí àwọn oníṣirò ń pè ní sáíkù káùntì. Nínú èyí, wọn kì í ti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á yan ọjà mélòó kan, wọ́n á ka ìyẹn nìkan láàárọ̀ yìí, wọ́n á yan òmíràn lọ́jọ́ mìíràn, títí yóò fi kárí. Ọjà tí owó pọ̀ jù nínú rẹ̀, tó sì ń yára lọ, bíi mílíìkì, wọ́n lè máa kà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Súgà oníkóró lè jẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ìṣáná àti àbẹ́là lè dúró di oṣù mẹ́ta.

Àwọn kan rò pé ìyàtọ̀ méjèèjì kò ju pé ọ̀kan ń rẹni, èkejì kì í rẹni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ kíka díẹ̀díẹ̀ ni pé ó ń bá àṣìṣe nígbà tí àṣìṣe náà ṣì sún mọ́ni. Nínú ṣọ́ọ̀bù wa yìí, Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni wọ́n ka mílíìkì kẹ́yìn, iye inú ìwé àti ti ilẹ̀ sì bára mu lọ́jọ́ náà. Ìyẹn túmọ̀ sí pé láàárín ọjọ́ méje ni ohun tó fa ìyàtọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ìwé ọjọ́ méje kò pọ̀ jù láti tú wò, ẹni tó tajà sì ṣì rántí. Ká ní òpin ọdún ni wọ́n rí i ni, nínú rísíìtì oṣù méjìlá ni wọn ì bá ti máa wá a, ọmọ tó sì kọ rísíìtì náà lè ti kúrò níbi iṣẹ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá a.

Kí á tó wo ìwé kankan, wọ́n tún mílíìkì kà. Ẹni tó kà á lẹ́ẹ̀kejì kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́, wọn ò sì sọ iye tó wà nínú kọ̀ǹpútà fún un. Èyí ṣe pàtàkì gan-an. Bí ẹ bá sọ fún èèyàn pé 62 ló yẹ kó rí, ojú rẹ̀ á máa wá 62, á sì ka páálí òfìfo mọ́ páálí tó ní nǹkan nínú. Ẹlẹ́ẹ̀kejì náà rí páálí 54 àti agolo 30. Kíkà náà péye nígbà yẹn.

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi ara wọn ni pé, ṣé tiwa ni gbogbo ohun tí a kà? Ọmọ ìtajà ló dáhùn: "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, páálí mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, oníbàárà wa láti Ìkẹ́rẹ́ ti sanwó rẹ̀ lánàá. Ó ní òun á rán mọ́tò wá gbé e." Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú kọ̀ǹpútà lánàá, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nílẹ̀. Ọjà ẹlòmíràn ni wọ́n kà mọ́ tiwọn. Ohun tó jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù jẹ́ páálí 51 àti agolo 30, ìyẹn agolo 2,478. Ẹ kíyè sí i pé àlàfo náà tún fẹ̀ sí i ni, ó di páálí 10 àti agolo 18. Ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù. Kì í ṣe gbogbo àṣìṣe ló ń jẹ́ kí ọjà dín, òmíràn ń bo àìpé mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ìwé àwìn. Ní Ọjọ́rú, páálí 6 jáde lọ fún oníbàárà kan tó máa ń sanwó lópin oṣù. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àwìn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Iye inú kọ̀ǹpútà ní láti sọ̀kalẹ̀ láti páálí 62 sí 56. Àlàfo ku páálí 4 àti agolo 18, ìyẹn agolo 210.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti dúró díẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù bá ń ta nǹkan ní páálí, tó sì tún ń tà á ní ẹyọ, àṣìṣe kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fura sí ṣáájú ohun mìíràn: ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà mú ẹyọ dípò páálí. Ó ta páálí kan, kọ̀ǹpútà yọ agolo kan. Agolo 48 jáde, ẹyọ 1 ni ìwé rí, 47 ló wá ṣẹ́kù sínú ìwé lásán. Nítorí náà, ẹ pín àlàfo náà sí 47 wò. Nínú 210, 47 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 188, ó ku 22. Wọ́n wá rísíìtì tí a kọ "4" sí. Wọ́n rí i ní ọjọ́ Ajé: mílíìkì agolo 4, ṣùgbọ́n owó tó wọlé jẹ́ owó páálí 4. Owó ló tú àṣírí rẹ̀. Wọ́n tún un ṣe, iye inú kọ̀ǹpútà sọ̀kalẹ̀ láti agolo 2,688 sí 2,500.

Ó ku agolo 22. Lẹ́yìn sítọ̀, apẹ̀rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń ju agolo tó bá wú tàbí tó bá ń jò sí. Agolo mílíìkì 14 wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti bàjẹ́. Ìyẹn ló sọ 22 di 8.

Agolo 8 yìí, wọ́n wá a títí, wọn ò rí i. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan mu ún, ó lè jẹ́ pé wọ́n ka ẹyọ fún oníbàárà ní àkàjù. Ìgbà yìí nìkan ni ọ̀gá lè buwọ́ lu ìwé pé kí wọ́n yọ ọ́. Ṣùgbọ́n wọn kò pa á pọ̀ mọ́ 14 tó bàjẹ́. Wọ́n kọ 14 sábẹ́ ìbàjẹ́, wọ́n kọ 8 sábẹ́ àìrídìí. Bí àìrídìí bá ń jáde lára mílíìkì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ mẹ́rin léra, tí súgà kò sì ní irú rẹ̀, ìgbà yẹn ni ìbéèrè "ta ló kó o" wá ní ìdí.

Ẹ wá wo ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ká ní wọ́n kánjú. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló jẹ́ pé gbàrà tí wọ́n bá kà tán, wọ́n á pa 62 rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á tẹ 54 àti agolo 30 síbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà, mọ́tò Ìkẹ́rẹ́ dé, ó gbé páálí 3 lọ. Nílẹ̀, ó ku 51 àti agolo 30. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹnìkan rántí ìwé àwìn, ó tẹ páálí 6 sínú kọ̀ǹpútà. Nínú ìwé, ó ku 48 àti agolo 30. Bí wọ́n bá tún kà lọ́la, ọjà á lé ní páálí 3, wọ́n á sì máa dúpẹ́ pé ọjà pọ̀ sí i. Ọjà tó lé láìsí ìdí, ìṣòro ló jẹ́ bí èyí tó dín, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni jẹ́ kó lọ láìwádìí.

Ṣé kí á wá pa kíka ọdọọdún tì? Rárá o. Kíka díẹ̀díẹ̀ ní ibì kan tí ojú rẹ̀ kò tó: inú àkọsílẹ̀ ló ti ń yan ohun tí yóò kà. Ọjà tó wà nílẹ̀ tí kò sí nínú ìwé rárá lè wà níbẹ̀ kí ọdún yí po láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kà á. Bíi páálí tí oníbàárà dá padà tí ẹnì kankan ò kọ, tàbí ọjà tuntun tí ilé-iṣẹ́ fi ta ṣọ́ọ̀bù lọ́rẹ. Nígbà tí ẹ bá ń ka gbogbo rẹ̀ lọ́dún, ẹ má fi ìwé ṣíwájú. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti pẹpẹ, kí ẹ kọ ohun tí ojú rí, kí ẹ tó wá a nínú ìwé.

Òfin náà tún wà níbẹ̀. CAMA 2020, òfin tó de àwọn ilé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ní kí ilé-iṣẹ́ tó ń ra ọjà tó ń tà á ní àkọsílẹ̀ iye ọjà tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ lópin ọdún ìṣirò. Àwọn ọ́dítọ̀ náà ní ìlànà tiwọn, ISA 501, tó ní bí ọjà bá jẹ́ ohun tó gbé owó ńlá nínú ìwé ilé-iṣẹ́, kí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kà á.

Òpin oṣù Kejìlá ni ìṣirò ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń parí, àmọ́ ta ló fẹ́ ti ilẹ̀kùn nígbà tí gbogbo ọmọ Èkìtì ń bọ̀ wálé ṣọdún? Kò pọn dandan. Ẹ lè kà á ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kìíní, kí ẹ sì ṣírò padà sẹ́yìn. Bí ẹ bá ka páálí 40 lọ́jọ́ náà, ẹ fi ohun tí ẹ tà láti ọjọ́ kìíní kún un, ká ní 12, kí ẹ yọ ohun tó wọlé, ká ní 5. Páálí 47 lẹ ní lópin ọdún. Kí èyí tó lè já sí òótọ́, ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn, ẹ kọ nọ́ńbà rísíìtì tó jáde kẹ́yìn àti nọ́ńbà wébíìlì tó wọlé kẹ́yìn sínú ìwé kan, kí ẹni méjì sì buwọ́ lù ú.