Ta ni yóò gbé Mọ́ji sọ̀kalẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti ọ̀gá ọ́fíìsì sọ ní Kábà nìyí. Mo tún un kọ díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kò lè wá.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin tí ẹ ti Mọ̀pà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ wá, okun o. Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bi yín, ẹ má dá mi lóhùn síta. Bí iná bá sọ nínú yàrá jẹnẹrétọ̀ yín ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọ̀la, ta ni nínú ilé yín tí kò ní lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀? Ẹ dárúkọ ẹni náà nínú ọkàn yín. Ó yá, ẹ wá dárúkọ àwọn tí yóò gbé e. Ibi tí mo bá bi í dé yìí ni àwọn èèyàn ti máa ń sọ fún mi pé, “A ó gbé e.” N kò tíì bá ẹnì kankan pàdé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ “A”.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan. Mọ́ji ni n ó máa pè é, kì í ṣe orúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó wà ní SS1, àga onítáyà tí gbogbo wa ń pè ní wíìṣíà ló ń lò. Òkè pẹtẹ́ẹ̀sì ni kíláàsì rẹ̀ wà. Láràárọ̀, àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin nínú kíláàsì rẹ̀ a gbé e gòkè pẹ̀lú ẹ̀rín àti yẹ̀yẹ́, nígbà tí ilé-ìwé bá sì parí, wọ́n a tún gbé e sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà ọkàn àwọn tíṣà balẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ń gbé e lójoojúmọ́ kò ní ṣàì gbé e lọ́jọ́ iná.

Wọ́n pè mí pé kí n wá wo ìdánrawò bí wọ́n ṣe máa ń sá jáde bí iná bá sọ. Wọ́n lu agogo wọn, ìyẹn ríìmù mọ́tò tí wọ́n so mọ́ igi máńgòrò, lílù kíákíá tí kò dáwọ́ dúró, gbogbo ọmọ sì sáré lọ sí pápá. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ilé fi ṣófo. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń pe rẹ́jísítà ni ẹnì kan bèèrè Mọ́ji. Òkè ló wà. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin náà wà ní pápá pẹ̀lú wa, ojú sì ń tì wọ́n. N kò bá wọn wí o. Ọmọ ni wọ́n. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ gbé ẹsẹ̀ wọn, àti pé kò sẹ́ni tó sọ fún wọn rí pé iṣẹ́ wọn ni. Kò tiẹ̀ yẹ kó jẹ́ iṣẹ́ wọn. Àgbàlagbà ló yẹ kí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Pírínsípà ní àwọn ti kọ orúkọ àgbàlagbà méjì sílẹ̀. Òótọ́ ni, mo rí ìwé náà. Igbákejì pírínsípà ni ọ̀kan, ó sì wà ní ìpàdé ní Lọ́kọ́ja lọ́jọ́ náà. Mégáàdì ni èkejì, òun kan náà ló sì ń sáré lọ ṣí géètì. Ẹnì kan kò lè wà níbi méjì. Bí ìwé ètò yín bá ní orúkọ nínú, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò nìyẹn: ní wákàtí yẹn gan-an, níbo ni ẹni yìí máa ń wà?

Kí a tó wá ẹni tí yóò gbé ọmọ, mo bèèrè ìdí tó fi ń gòkè rárá. Kò sí ìdí. Bí yàrá ṣe kàn wọ́n ni wọ́n ṣe pín in. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo, wọ́n kó àga àti tábìlì SS1 sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì kó kíláàsì mìíràn lọ sókè. Iṣẹ́ tó dára jù nínú gbogbo ohun tí a ṣe níbẹ̀ nìyẹn, kò sì ná wọn ní kọ́bọ̀. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀gá a kọ́kọ́ bi mí nípa àga tí a fi ń sọ èèyàn kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, èyí tó ní rọ́bà lábẹ́ tó ń rọra yọ́ sọ̀kalẹ̀. Ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kò sì wúlò fún ọmọ tí kò ní ohun tó ń wá lókè.

Kò parí síbẹ̀ ṣá. Òkè ni yàrá sáyẹ́ǹsì wà, omi àti gáàsì sì wà níbẹ̀, kò ṣeé kó. Mọ́ji gbọ́dọ̀ gòkè ní ọjọ́ Tuesdé àti Tọ́sìdé fún bàọ́lọ́jì. Wàhálà ọjọ́ márùn-ún ti di ti wákàtí méjì, èyí sì mú wíwá orúkọ rọrùn. Tíṣà bàọ́lọ́jì wà níbẹ̀ dandan, ẹni tó ń tọ́jú yàrá náà wà níbẹ̀, tíṣà jọ́gíráfì sì ń kọ́ni ní yàrá kejì ní wákàtí kan náà. Mẹ́ta nìyẹn. A fi ẹnì kẹrin kún un gẹ́gẹ́ bí arọ́pò.

Lẹ́yìn náà la bi Mọ́ji fúnra rẹ̀, ohun tí ó yẹ kí a ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó sọ ohun mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò mọ̀. Ó ní kí wọ́n má fa òun lábẹ́ abíyá, nítorí èjìká òun kì í pẹ́ yẹ̀. Ó ní bí wọ́n bá gbé òun lójijì, ẹsẹ̀ òun a máa gbọ̀n, a sì máa ta, kí ẹni tó wà níwájú má bàa fò sẹ́yìn. Ó ní ibi ìgbápálé wíìṣíà òun ń yọ jáde bí èèyàn bá fà á sókè, ibi ìgbẹ́sẹ̀lé náà ń yọ. Tíṣà jọ́gíráfì wo ọwọ́ rẹ̀, nítorí ibi ìgbápálé yẹn gan-an ló ti ń ronú láti dì mú.

Àpò sìmẹ́ńtì kan la fi kọ́ iṣẹ́ náà. Àádọ́ta kílò ni, kò sì jìnnà sí ìwọ̀n Mọ́ji. A fi okùn dì í mọ́ àga, a sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn títí ọwọ́ wọn fi mọ́ ọn. Bí a ṣe ṣe é nìyí. Ẹni tó lágbára jù dúró lẹ́yìn, ó di ọwọ́ ìtì mú. Ó tẹ àga náà sẹ́yìn títí ó fi dúró lórí táyà ńlá méjèèjì nìkan. Ojú ẹni tó jókòó kọ sí ìsàlẹ̀. Àwọn méjì wà níwájú, wọ́n kọjú sí i, wọ́n di irin ara àga tí kò ń yọ mú, wọ́n sì ń fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀. Wọn kò gbé àga náà sáfẹ́fẹ́. Táyà ló ń yí bọ́ láti orí ìgbésẹ̀ kan sí èkejì, ẹni ẹ̀yìn ló sì ń ka iye. Ẹni ẹ̀yìn nìkan ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ẹni mẹ́ta jọ ń pàṣẹ, àpò sìmẹ́ńtì wa ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, mo sì dúpẹ́ pé sìmẹ́ńtì ni.

Ó ku ohun kan tó máa ń da èèyàn láàmú. Bí ọgọ́rùn-ún ọmọ bá ń tú sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan, wíìṣíà tó bá wọ àárín wọn yóò dí ọ̀nà, wọ́n sì lè bì í ṣubú. Nítorí náà Mọ́ji dúró díẹ̀ kí wọ́n kọjá. Ibi ìdúró yẹn gbọ́dọ̀ wà nítòsí orí àtẹ̀gùn, kí ó má sì sí lójú ọ̀nà. Ìwọ̀n tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún wíìṣíà kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 90 ní ìbú àti 140 ní gígùn. A fi ọ̀dà ya àpótí ibẹ̀ sílẹ̀ ní kọ̀rọ̀ báráńdà, lẹ́yìn tí a ti kó àwọn bẹ́ǹṣì tó kán tí wọ́n tò síbẹ̀ kúrò. Báráńdà wa ṣí sílẹ̀, èéfín kì í há síbẹ̀ bíi ti kọ́rídọ̀ inú ilé. Síbẹ̀, ẹni mẹ́ta náà kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀, bí èéfín bá sì ti ń bọ̀, wọn kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ibi ìdúró ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ẹni tó bá ní kí ọmọ jókòó síbẹ̀ títí panápaná yóò fi dé kò ní ètò rárá, pàápàá ní ìlú tí panápaná ti ní láti wá láti ọ̀nà jíjìn.

Ọkùnrin kan wà tó ṣiṣẹ́ ní àjà kọkàndínláàádọ́rin ilé ìṣòwò àgbáyé ní Niú Yọ́ọ̀kì, wíìṣíà ló ń lò. Nígbà tí bọ́ǹbù bú níbẹ̀ ní 1993, ó gbà tó wákàtí mẹ́fà kí wọ́n tó gbé e jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ra àga àtẹ̀gùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹsàn-án 2001, àwọn mẹ́wàá tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi àga náà sọ ọ́ kalẹ̀ láàárín nǹkan bíi wákàtí kan ààbọ̀, ó sì yè. Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ lọ́jọ́ náà ló gbé e, kì í ṣe panápaná.

Ẹ má bínú, mo ti pẹ́ lórí Mọ́ji. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti ọ́fíìsì kan ní Kábà níbí. Akọ̀wé owó wọn kì í gbọ́rọ̀. Agogo kò wúlò fún un, gbogbo wọn mọ̀ ọ́n, nítorí náà wọ́n ní ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò fọwọ́ kàn án léjìká. Mo bèèrè pé, bí ó bá wà ní ilé ìyàgbẹ́ ńkọ́? Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ibẹ̀ ni ètò wọn ti jò. Iná tó ń ṣẹ́jú nínú ilé ìyàgbẹ́ ló yẹ, ṣùgbọ́n ẹ mọ iná ìjọba wa. Èyí tó bá ń lo bátìrì nìkan ló lè ṣiṣẹ́, kí ẹnì kan sì máa dán bátìrì náà wò lóṣooṣù. Títí wọn yóò fi rà á, wọ́n yan ẹnì kan tí yóò kan ilé ìyàgbẹ́ wò kí ó tó jáde, yóò sì ṣí ìkọ́ ilẹ̀kùn náà, nítorí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó ṣeé ṣí láti ìta.

Òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn tó ní ìpèníjà ara, ti ọdún 2018, ni ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2019. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe, ọdún márùn-ún náà sì ti pé ní oṣù kìíní 2024. Ọ̀nà gẹẹrẹ tí wọ́n ń ṣe sẹ́nu ilé nísinsìnyí dára, ṣùgbọ́n èyí tí kò tó mítà méjìlá ní gígùn fún mítà kan gíga ga jù fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí táyà.

Nígbà ìbéèrè, màmá kan tó jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dìde. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èmi kò ní akàndá kankan ní ilé-ìwé mi.” Mo bi í bóyá ó lè sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kíákíá láìdi ohunkóhun mú. Ó ní orúnkún òun kì í gbà. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé gbogbo òṣìṣẹ́ ni kí ẹ bi, kí ẹ má kàn fi ojú yan àwọn tí ẹ rò pé ó kàn. Ẹ bi wọ́n ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹni tó ní wárápá tàbí ikọ́ fée má bàa fi í pa mọ́. Ẹ sì tún un bi ní gbogbo táàmù, nítorí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dá lórí ọ̀kadà lánàá kò sí nínú ìwé táàmù tó kọjá.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ti ẹnu tíṣà bàọ́lọ́jì Mọ́ji fúnra rẹ̀ wá. Ó ní ìdánrawò kejì wọn yá dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n wíìṣíà rì nínú yanrìn pápá, èèyàn mẹ́ta sì tún ní láti tì í. A jọ rìn lọ wo ilẹ̀ náà. Wọ́n ti gbé ibi ìpéjọ kúrò ní pápá sí orí ilẹ̀ líle ẹ̀gbẹ́ géètì, lábẹ́ igi obì, níbi tí òjò kì í dúró.