Ẹ Ṣí Ọrùn Ọmọ Yẹn Wò Kí Ẹ Tó Fi Nǹkan Pa Á

Ẹ ǹlẹ́ o. Ẹ gbé ọmọ wá síbi fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ la fẹ́ lò, a ò fẹ́ gílóòbù, a ò sì fẹ́ tọ́ọ̀ṣì fóònù, torí wọ́n máa ń yí àwọ̀ ara padà.

Ọrùn ni mo bá wá lónìí. Ní Òṣogbo wa yìí, tí ooru oṣù Ẹrẹ́nà bá ti dé, tí wọ́n tún wá mú iná lọ, ọrùn ọmọ ọwọ́ ni wàhálà sábà máa ń gbà wọlé. Ó lè jẹ́ pé ooru ló sú sí i lára. Ó lè jẹ́ ẹ́kísímà. Ó sì lè jẹ́ kàńdídà, ìyẹn kòkòrò kan tó jẹ́ ìbátan ohun tó máa ń hu sára búrẹ́dì tó ti pẹ́. Lẹ́nu àwọn ará ilé, "làpálàpá" ni gbogbo wọn, ìpara kan náà ni wọ́n á sì fi pa gbogbo wọn. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti ń wọ́.

Ó dáa, ẹ fọwọ́ yín. Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀ kó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká aṣọ kékeré kan sábẹ́ èjìká rẹ̀ kí àgbọ̀n rẹ̀ lè gbé sókè. Ohun tí gbogbo èèyàn ń fò ló kàn báyìí. Wọ́n á wo ọrùn lókè lókè, wọ́n á ní àwọn ti rí i. Ẹ ò tíì rí nǹkan kan! Ẹ fi ìka méjì fa awọ tó ká léra yẹn sọ́tùn-ún sósì, jẹ́jẹ́, títí ìsàlẹ̀ kòtò náà á fi yọ. ÌSÀLẸ̀ KÒTÒ NÁÀ NI KÍ Ẹ WÒ. Mo tún un sọ: ìsàlẹ̀ kòtò! Ibẹ̀ ló máa sọ fún yín bóyá kàńdídà ni tàbí kì í ṣe òun.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ oṣù mẹ́rin kan ṣe àpẹẹrẹ, ọmọ tó sanra dáadáa, tí ọrùn rẹ̀ ká sí ọ̀nà mẹ́ta. A ṣí i. Ìsàlẹ̀ kòtò náà tutù, ó ń dán, ó dà bí ibi tí awọ ti bó. Ẹ má wá pupa rẹ́rẹ́ lára ọmọ dúdú o; ó lè jọ àwọ̀ osùn, ó sì lè ṣókùnkùn ju ara tó kù lọ. Ẹ wá wo etí ibi tó bó yẹn. Etí náà ń bó díẹ̀díẹ̀, àwọn tóótòòtó kéékèèké sì wà níta, tí wọn ò kan ti àárín. Ẹ̀yin ará ìlú aró, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí aró bá dà sórí aṣọ funfun: àbàwọ́n ńlá á wà láàárín, ẹ̀kán á sì ta káàkiri yí i ká. Ẹ̀kán aró yẹn ni mo ní kẹ́ ẹ máa wá. Tí ìsàlẹ̀ kòtò bá bàjẹ́, tí ẹ̀kán sì wà níta, kàńdídà ló sábà máa ń jẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí ní abíyá àti nínú ìtan lábẹ́ ìlédìí.

Ẹ yí ọmọ náà padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún nǹkan wẹ́wẹ́ bí orí abẹ́rẹ́. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ pa á, á dà bíi gàrí. Níbi tí aṣọ ti bò ó ni wọ́n pọ̀ sí. Ooru nìyẹn: ihò tí òógùn ń gbà jáde ló dí. Kò nílò oògùn kankan! Ẹ bọ́ fìlà, ẹ bọ́ súwẹ́tà, aṣọ fẹ́lẹ́ kan ti tó. Ẹ fi omi lásán wẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ó yẹ kó ti máa lọ. Epo àti àtíkè ni kẹ́ ẹ má fi kàn án, torí wọ́n tún máa ń dí ihò náà.

Ó wá ku ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọmọ kan náà ni o. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbẹ, ó rí págunpàgun, ó sì ti ń ṣe é láti bí oṣù kan. Tó bá lọ, á tún padà. Tí wọ́n bá tẹ́ ọmọ sílẹ̀, á máa fi ojú nu bẹ́ẹ̀dì nítorí yíyún. Ẹ wo ìta apá àti ojúgun, ẹ lè bá a níbẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìlédìí sábà máa ń mọ́, torí ibẹ̀ kì í gbẹ. Ẹ́kísímà nìyẹn. Ọyẹ́ máa ń mú un le sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni ọṣẹ olóòórùn àti kàn-ìn-kàn-ìn.

Ẹ ṣe é báyìí. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, kò jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fi aṣọ tẹ omi náà gbẹ, ẹ má nù ún. Kí ìṣẹ́jú mẹ́ta tó pé, nígbà tí ara ṣì ní ọ̀rinrin, ẹ fi fásílíìnì tí kò ní òórùn pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Ẹ tún un pa lálẹ́. Tí kò bá rọlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, tàbí tí yíyún kò jẹ́ kí ọmọ sùn, dókítà lè fún un ní haidirokọ́tísóònù ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ìpara tó ń pa wíwú àti yíyún, fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ má dá a rà fún ojú ọmọ ọwọ́.

Ṣé ẹ ti rí ibi tọ́rọ̀ ti díjú? Fásílíìnì tó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ sàn ló máa dí ẹ̀yìn pa, òun náà ló máa sé omi mọ́ ọrùn kí kàńdídà lè rí ilé kọ́. Ọmọ kan, ara kan, ìtọ́jú mẹ́ta!

Ẹ padà sí ọrùn. Ẹ fi omi lásán fọ̀ ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ gbẹ títí dé ìsàlẹ̀ kòtò, ẹ jẹ́ kó gba atẹ́gùn ìṣẹ́jú díẹ̀. Kilotírímásóòlù ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ìpara tó ń pa kàńdídà, la sábà máa ń lò, kí nọ́ọ̀sì tàbí apògùn kọ́kọ́ wò ó. Ẹ fi pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Tó bá ń funfun lórí awọ, ó ti pọ̀ jù. Ara á ti máa padà bọ̀ sípò láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹ MÁ DÁWỌ́ DÚRÓ! Ẹ lò ó pé ọ̀sẹ̀ méjì, torí kòkòrò náà ṣì lè kù níbẹ̀. Tí ọjọ́ méje bá sì pé tí kò yàtọ̀, ilé ìwòsàn ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ìpara alápapọ̀ tí wọ́n ń tà káàkiri ọjà yẹn, tí wọ́n ní ó ń wo gbogbo nǹkan! Púpọ̀ nínú wọn ní kilobẹ́tásóòlù tàbí bẹ́tàmẹ́tásóònù nínú, ìyẹn sítẹ́rọ́ìdì tó le. Á pa wíwú àti yíyún láàárín ọjọ́ méjì, inú yín á dùn. Kàńdídà ń gbilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá dáwọ́ dúró, á padà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, awọ á sì ti fẹ́lẹ́. Lára páálí, lẹ́tà C, L, O ló bẹ̀rẹ̀ kilotírímásóòlù àti kilobẹ́tásóòlù. Ẹ ka orúkọ náà dópin.

Àwọn tí kò gbọdọ̀ dọjọ́ kejì wà o. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ara rẹ̀ gbóná dé 38 lórí tẹmómítà. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù kan tó ń yọ nǹkan tó ní ọyún. Ẹ́kísímà tó ṣàdédé yọ ìléròrò kéékèèké tó ń dun ọmọ, tí ara sì gbóná. Ọrùn tó bó rọ́rọ́, tó ń rùn, tí kò sì ní ẹ̀kán yí i ká: ìyẹn lè jẹ́ kòkòrò mìíràn, oògùn tiwa yìí kò ràn án.

Ohun kan ṣì kù. Tẹ́ ẹ bá rí funfun nínú ẹnu ọmọ náà tí kò ṣeé nù kúrò, ẹ sọ fún dókítà. Kàńdídà ẹnu nìyẹn, ó lè ti dé orí ọmú ìyá, tọmọ tìyá la ó sì jọ tọ́jú. Tí ọmọ bá sì mu ọmú tán, ẹ ṣí ọrùn yẹn, ẹ nu wàrà tó ṣàn síbẹ̀.